Ahun Kékeré Tí Mo Fi Ń Mú Ọmọ Sùn

Àlíátù, ìyá tó bí bàbá mi, ló kọ́kọ́ pa ìtàn ọmọ Ahun tó ń kọ́ ìrìn fún mi, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsẹ́yìn. Nínú ìtàn tirẹ̀, ọmọ Ahun ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, ó dìde lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo wa sì ń fi orin gbè é lẹ́yìn títí ilẹ̀ fi ń mì. Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ìtàn yìí kan náà ni yóò di iṣẹ́ mi, tí yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń jáde ìwé, tí ẹ ń wá jókòó tì mí láti bèèrè iṣẹ́ tí mo ṣe, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá dáhùn. Ọmọ ni mo máa ń mú sùn. Ní Monrovia níbí, ọdún méjìlélógún ni mo fi mú ọmọ ọdún kan kan sùn lọ́sàn-án, títí ẹ̀yìn mi fi ní ó tó. Mi ò tíì di arúgbó o, ẹ má fi ojú yẹn wò mí. Àmọ́ ẹni tó bá tẹ̀ ba ọmọ nígbà ogún lójúmọ́ fún ọdún tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ.

Bí mo ṣe débẹ̀ kò gùn. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ló mú mi wá sí Làìbéríà. Ó lé mi kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nítorí pé ìtàn ni mò ń sọ fún oníbàárà, oníbàárà á gbádùn rẹ̀, á sì gbàgbé ohun tó wá rà. Màmá Fúnláyọ̀, opó kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ní kírẹ̀ṣì kékeré kan ní Camp Johnson Road. Ó nílò ọkùnrin tí yóò máa gbé omi. Mo gbé omi. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ń mú àwọn ọmọ sùn kò wá. Màmá wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, èmi nìkan ló rí.

Ó ní, “Làmídì, wọ́n ní o mọ ìtàn pa.”

Mo ní, “Màmá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi.”

Ọmọ méje ló dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ojú wọn ti ń wálẹ̀. Mo dúró láàárín wọn, mo gbé àyà sókè, mo ké e bí wọ́n ṣe ń ké e nílé wa: “Àlọ́ o!”

Ọmọ méje ni ó jí. Ọ̀kan pariwo “Aaa!” èkejì pàtẹ́wọ́, ẹ̀kẹta bú sẹ́kún, àwọn mẹ́rin tó kù sì tẹ̀ lé e. Màmá yọ sí ẹnu ọ̀nà.

“Ta ni o ń pè?”

“Àlọ́ ni mò ń pa, Màmá.”

“Lọ́sàn-án gangan? Kò sí àgbàlagbà nílé yín ni? Ó dára, jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pè, ṣé yóò sùn ni àbí yóò dáhùn?”

Mo sáré gbé èyí tó ń ké jù.

“Ìwọ náà ò dáhùn. Bóyá o ti sùn ni!”

Obìnrin yẹn le. Ó gbà mí sí ẹnu iṣẹ́ náà lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ oṣù mẹ́ta gbáko ni kò jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan nínú yàrá oorun. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi! Iṣẹ́ mi ni kí n gbé ọmọ sí àyà, kí n sì máa mí. Ó ní kí n kọ́kọ́ wá bí ọmọ náà ṣe ń mí, kí n máa mí bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tó bá yá kí èmi náà rọra máa fa èémí tèmi gùn, ọmọ yóò tẹ̀ lé mi láì mọ̀. Tí mo bá wo ojú ọmọ, Màmá á fi ìka gbá mi létí. Ó ní ọmọ tí o bá wò lójú, eré lo pè é sí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ló tó yọ̀ǹda ọ̀rọ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni, kò sì gbọ́dọ̀ ju èémí kan lọ. Ohùn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ níparí rẹ̀, kí ó má ṣe ròkè bí ohùn ẹni tó ń bèèrè nǹkan. Ọ̀rọ̀ tí o sọ lánàá náà ni kí o sọ lónìí. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀kan, mo fi “ewúrẹ́” dípò “àgùntàn”. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ti pa dé là á gbàǹgbà, ó sì wò mí bí ẹni tí wọ́n bu iyọ̀ sí ògì rẹ̀.

“Ṣé o rí i?” ni Màmá wí. “Ìwọ ni ó ń sú. Kò tíì sú ọmọ náà.”

Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyẹn, díẹ̀díẹ̀, bí imú ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń wọgbà. Mo kọ́ àmì oorun: ọmọ á máa fa etí, á máa wo ibi tí kò sí nǹkan. Mo kọ́ pé tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá ṣí, tí o gbé apá rẹ̀ tó sì bọ́ bí aṣọ tútù, kò tíì tó o; kí o dúró gba èémí ogún sí i. Tí o bá ń gbé e sílẹ̀, ìdí ni kó kọ́kọ́ kan ilẹ̀, kí orí kẹ́yìn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á rò pé òun ń já bọ́. Kí o fi ẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, kí aṣọ má sì dé imú. Ohun tí a bá rọra mú kì í bàjẹ́.

Ọdún ń gorí ọdún. A kó kúrò ní Camp Johnson Road lọ sí Lakpazee, sí ilé tó fẹ̀ díẹ̀. Ẹní lọ, bẹ́ẹ̀dì onígi tó ní ọgbà yíká dé. Màmá dàgbà, ó fi yàrá oorun sílẹ̀ fún mi pátápátá. Ibẹ̀ ni ìgbéraga ti wọ̀ mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Àwọn ìyá ọmọ ń pè mí ní Bùọ̀dá Olóorun. Èmi náà sì gbà á bí oyè.

Ìgbà náà ni wọ́n gbé Tèmi wá.

Ọmọ oṣù mẹ́tàlá ni Tèmi. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, bàbá rẹ̀ sì wà níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà ní òkè, ó lè tó oṣù méjì kó tó wálé. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde. Ọmọ tó bá wà ní ìpele yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kó sùn. Tí o bá tẹ́ ẹ, á yí padà, á di ọgbà bẹ́ẹ̀dì mú, ó ti dìde nìyẹn. O tún tẹ́ ẹ, ó tún dìde. Á dúró níbẹ̀, á máa sunkún. Nílé náà bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn àgbà ní ọmọ tó ní ìyá òun kò ní sùn, òun náà kò ní fojú ba oorun. Ẹni tó bá fẹ́ rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ì bá wo ojú ìyá Tèmi láàárọ̀. Ó sọ fún mi pé òun ti sùn lórí tábìlì ní báńkì lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀gá òun sì ti rí òun.

Mo ní, “Ìyá Tèmi, ẹ fi ọkàn balẹ̀.”

Mo rò ó pé: ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, kí ni ì bá tún bá a mu ju ọmọ Ahun ìyá bàbá mi tó ń kọ́ ìrìn lọ? Màmá wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, mo mú orin Àlíátù jáde, mo kàn rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀:

Ọmọ Ahun, dìde o!
Ó dìde.
Ọmọ Ahun, máa rìn o!
Ó ń rìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ náà dìde. Ojú rẹ̀ tàn, ó di ọgbà mú, ó ń fò. Èmi òmùgọ̀, inú mi dùn! Mo tún un kọ. Nígbà tí mo dé “Ó ń rìn,” Tèmi tú ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ láti pàtẹ́wọ́, ó já lu igi ọgbà náà pẹ̀lú ẹnu. Ẹ̀jẹ̀ bo ẹ̀wù funfun tó wọ̀. Mo gbé e, mo sáré dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà lójú títì, bàtà mi kan ṣoṣo ló bá mi débẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní inú ètè ló ya, kò nílò abẹ́rẹ́. Àmọ́ ìyá ọmọ ti dé.

Kò pariwo. Ì bá pariwo ì bá sàn. Ó nu ẹnu ọmọ rẹ̀, ó ní:

“Bùọ̀dá Làmídì, ẹ ṣeun. Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń lọ sílé lọ́jọ́ Sátidé. Yóò mú un dání lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Òṣogbo.”

“Títí di ìgbà wo, Ìyá Tèmi?”

“Títí yóò fi máa sùn.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. “Ó lè tó ọdún kan. Kò ní mọ̀ mí mọ́ tó bá padà dé.”

Ọjọ́ Tuesday nìyẹn. Màmá Fúnláyọ̀ gbọ́ ohun gbogbo láti ẹnu mi.

“Oríire rẹ ni pé ọmọ náà ní eyín,” ló wí níkẹyìn. “Mi ò ní lé ẹ. Ìwọ lo jí i, ìwọ ni yóò mú un sùn. Àmọ́ jẹ́ kí n bi ẹ́. Nígbà tó dìde, tó dúró síbẹ̀ tó ń sunkún, kí ló ń fẹ́?”

“Ó ń fẹ́ rìn.”

“Irọ́. Ó ń fẹ́ jókòó. Dídìde ti yé e. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ sílẹ̀ ni kò yé e. Ìwọ wá lọ kọ orin dídìde fún un!”

Ọ̀rọ̀ náà bá mi dé Gardnersville lọ́jọ́ kejì, níbi tí mo ti lọ ra ẹní. Ìyá Làìbéríà kan tó ń ta èédú ń sin ahun kékeré kan nínú bàsíà ìfọṣọ tó gbó. Mo lóṣòó tì í.

“Ṣé wàá rà á ni, Ọ̀gbẹ́ni Nàìjíríà? Ọbẹ̀ rẹ̀ dùn.”

“Rárá, Màmá. Ìrìn rẹ̀ ni mo fẹ́ wò.”

Ó pe aládùúgbò rẹ̀. “Ẹ wá o! Ọkùnrin tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ tó ń wo ahun rìn rèé!” Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí, àmọ́ ó gbé ahun náà sí ilẹ̀ iyanrìn fún mi.

Mo wò ó. Orí ló kọ́kọ́ yọ, ó yẹ àyíká wò. Ó ti ara sókè, àyà rẹ̀ kúrò nílẹ̀ díẹ̀ báyìí. Ẹsẹ̀ iwájú kan gbéra, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn apá kejì tẹ̀ lé e, igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ń mì lọ́tùn-ún lósì. Ó rìn bí ìgbésẹ̀ mẹ́fà, ó rẹ̀ ẹ́. Kò ṣubú o. Ó kàn tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ ni, àyà rẹ̀ sì balẹ̀. Ìyá náà fi ìka kàn án: orí wọlé, ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ lé e bí ilẹ̀kùn tí wọ́n pa dé, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà wọlé. Ó dákẹ́.

Mo ní, “Màmá, ẹ ṣeun, mo ti ra ìrìn rẹ̀.” Mo sì lọ láì mú un.

Láti ọjọ́ kẹta, kí àkókò oorun tó tó, mo ń jẹ́ kí Tèmi di àga mú kó rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi gbádùn. Nígbàkígbà tó bá dúró tó há, mo ń fi ìka tẹ ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká a, kó jókòó. Ó jókòó pọ̀ọ̀, ó yà á lẹ́nu. Ó tún dìde nítorí kó lè tún jókòó. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e sí àyà, etí rẹ̀ sí ibi tí ohùn ti ń jáde, mo sì sọ èyí fún un, èémí kan sí ìlà kan:

Ahun kékeré gbé ẹsẹ̀ kan, ó rọra tẹ ilẹ̀.
Ahun kékeré gbé èkejì, ó rọra tẹ ilẹ̀.
Ó tẹ koríko, koríko rọ̀.
Ó tẹ iyanrìn, iyanrìn rọ̀.
Ó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó fi àyà balẹ̀.
Ahun kékeré dé ilé rẹ̀.
Orí wọlé, ó sùn.
Ọwọ́ wọlé, ó sùn.
Ẹsẹ̀ wọlé, ó sùn.

Ní “orí wọlé”, mo fi orí rẹ̀ ti èjìká. Ní “ọwọ́ wọlé”, mo ká ọwọ́ rẹ̀ sí àyà. Ní “ẹsẹ̀ wọlé”, mo di àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ìlà márùn-ún àkọ́kọ́, mo ń rìn pẹ̀lú rẹ̀. Ní ìlà kẹfà, mo dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ ní ohùn tí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́, mo sì parí rẹ̀ ní ohùn tó jẹ́ pé àyà nìkan ló gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ Thursday, a sọ ọ́ nígbà mẹ́wàá. Lọ́jọ́ Friday, ó sùn ní ìgbà kẹrin. Màmá Fúnláyọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó kàn gba aṣọ èjìká mi, ó lọ fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ìyá Tèmi wá mú ọmọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Kò gbàgbọ́. Ó ní kí n sọ ọ́ sínú fóònù òun. Mo sọ ọ́. Inú mi kò dùn sí i, àmọ́ mo sọ ọ́.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, ó ti wà ní ìloro ilé mi ní Lakpazee, ọmọ lẹ́yìn, àpò lọ́wọ́.

“Kò ṣiṣẹ́, Bùọ̀dá Làmídì. Mo tẹ̀ ẹ́ nígbà àìmọye. Ojú rẹ̀ á fẹ́ pa dé, fóònù á ti lọ sí ìlà tó tẹ̀ lé e. Á là á, á máa wá yín nínú yàrá. Bùọ̀dá Fẹ́mi, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ń bọ̀ wá mú un níbí ní aago mẹ́wàá. Mo ní kí n jẹ́ kó dágbére fún yín.”

“Fóònù kì í gbọ́ èémí ọmọ,” ni mo wí. “Kò mọ ìgbà tí yóò dúró. Ẹ jókòó. Ẹ̀yin ni ẹ ó sọ ọ́.”

“Èmi? Mi ò mọ orin kọ!”

“Kì í ṣe orin. Ẹ tú u sílẹ̀, kó kọ́kọ́ rìn.”

Tèmi di ọgbà ìloro mú, ó lọ, ó bọ̀, ó jókòó, ó dìde. Ìyá rẹ̀ ń wo aago. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa etí, mo ní kó gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀: “Ahun kékeré gbé ẹsẹ̀ kan ó rọra tẹ ilẹ̀ Ahun kékeré gbé…”

“Ìyá Tèmi! Ṣé ahun yìí ń sá fún ọlọ́pàá ni?”

Ó rẹ́rìn-ín láàárín omijé. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó má wo ojú ọmọ. Mo ní kó má bi mí bóyá ó ti sùn. Mo ní kó parí ìlà kan, kó dúró títí Tèmi yóò fi mí jáde, kó tó mú èkejì. Ní ìgbà kẹta ohùn rẹ̀ balẹ̀. Ní ìgbà karùn-ún, ọwọ́ Tèmi ṣí. Ìyá náà ń sọ ọ́ lọ. Ó sọ “ọwọ́ wọlé” lẹ́ẹ̀mejì, ó gbàgbé ẹsẹ̀, ohùn rẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà kò sí ohùn mọ́. Orí rẹ̀ ti fi ara ti ògiri. Obìnrin tí kò sùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti sùn, ọmọ rẹ̀ sùn sí i láyà.

Mo fi ìrọ̀rí sí abẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ kí ọmọ má bàa yọ̀. Mo gbé àga mi sún mọ́ wọn, mo fi ọwọ́ kan ti ọmọ náà lẹ́yìn. Aago mẹ́wàá lù. Bùọ̀dá Fẹ́mi wọlé, ọkùnrin gíga, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.

“Àpò ọmọ náà dà? A ti pẹ́ o.”

Mo fi ìka sí ẹnu. Ó wo àwọn méjèèjì. Ó wo àpò tó wà nílẹ̀, ó na ọwọ́ sí i, ó dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ó di kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ inú ìkúùkù kó má bàa dún mọ́, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́:

“Tí ìyá rẹ̀ bá jí, ẹ sọ fún un pé èmi nìkan ni mo lọ.”

Ó fi ọmọníka ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mi ò gbọ́ ìgbà tó tan mọ́tò.

Wọ́n sùn di aago méjìlá kọjá. Ẹ̀yìn ń ro mí, ẹsẹ̀ mi kú, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu mi tí mo fẹ́ sọ, mi ò sì sọ ìkankan. Ìwọ tó ń wá iṣẹ́ tí wàá fi ayé rẹ ṣe, tí o fẹ́ mọ̀ bóyá irú tèmi yìí lè bá ẹ mu: ṣé o lè dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀?